Dólà ni wọ́n fún wa, náírà la ná: báwo la ṣe ń pín in sí ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì nínú ìròyìn owó ìparí?

Akápò Òkè-Ògùn (ọjọ́ 4 oṣù kẹta, 2024)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀njíò kékeré la ní n'Ìbàdàn, à ń dá àwọn agbẹ̀bí lẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè-Ògùn. Onígbọ̀wọ́ kan l'ókè òkun fún wa ní $30,000 fún ọdún kan, iṣẹ́ náà sì parí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì. $15,000 dé ní oṣù kẹta 2023, báńkì ṣẹ́ ẹ ní ₦460. $15,000 yòókù dé ní oṣù kẹwàá, wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ₦770. Gbogbo ohun tí a ná jẹ́ ₦17,835,000. Wọ́n fẹ́ ìròyìn owó ìparí ní dólà, ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí oṣù kẹrin tó tán.

Mi ò mọ iye tí màá fi pín náírà. Ìlà ìrìnnà ti gba ₦3,198,000, bẹ́ẹ̀ $3,000 péré ni wọ́n kọ sí i. Ìlà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ $10,000 sí, ₦4,305,000 la rí kọ síbẹ̀. Owó tó wà ní báńkì sì fi ₦120,000 dín sí iye tó yẹ kó ṣẹ́kù. Ọ̀gá mi ní kí n ṣáà rí i pé ìlà gbogbo bá bọ́jẹ́ẹ̀tì mu. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Àǹtí, ìyẹn ò le. Iye tí dólà ń lọ lónìí ni kí ẹ fi pín gbogbo rẹ̀, torí òní lẹ ń kọ ìròyìn. Ó ń lọ bíi ₦1,500 báyìí. Ti ìlà ìrìnnà, ẹ mú lára rìsíìtì epo yẹn, ẹ kó o lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣebí mọ́tò náà ló gbé yín lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Ibi tí àyè wà là ń gbé ẹrù sí.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dúró ná. Fi ₦1,500 pín ₦17,835,000 kí o wo ohun tí yóò bọ́ síta: $11,890. Ìyẹn ni pé akápò yìí máa kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́ pé $18,110 wà lọ́wọ́ òun tí òun ò tíì ná. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Tó bá tún fi ₦460 àkọ́kọ́ pín in, $38,772 ni, wọ́n á ní ó ná kọjá ohun tí wọ́n fún un. Owó kan náà ni, rìsíìtì kan náà ni.

Akápò, bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Má wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dólà lọ́jà lónìí, wo náírà tó wọ àpò yín gan-an. $15,000 ní ₦460 jẹ́ ₦6,900,000. $15,000 ní ₦770 jẹ́ ₦11,550,000. Pa á pọ̀, ₦18,450,000 ni. Fi $30,000 pín in, dólà kọ̀ọ̀kan mú ₦615 wá fún yín. ₦615 yìí ni wàá fi pín ìnáwó gbogbo, láti oṣù àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Ohun tí ẹ ná á wá di $29,000, ohun tó ṣẹ́kù á di ₦615,000, ìyẹn $1,000. Tí o bá pa méjèèjì pọ̀ tí kò bá pé $30,000, ìṣirò kan ti ṣì níbì kan, má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe ìyẹn, lọ ka àdéhùn yín. Àwọn onígbọ̀wọ́ kan máa ń kọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ síbẹ̀. Ohun tó wà nínú àdéhùn ló ga ju ọ̀rọ̀ tèmi lọ.

Lórí ìrìnnà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan kí n tó dáhùn. Nígbà tí ẹ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ àlàyé sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí lẹ kọ sábẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́?

---

Tíṣà Ìlaròó

Ẹ kú àlàyé o. Àwa náà ní ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a ò tíì fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láti ọdún méjì. Ṣé owó ìtanràn rẹ̀ náà lè wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì onígbọ̀wọ́ ni?

---

Akápò Òkè-Ògùn

Tíṣà, ẹ má bínú, ìròyìn tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba kọ́ ni mò ń béèrè. Ti ẹni tó fún wa lówó ni.

---

Ìyá Ìbejì

Tíṣà, kí n kúkú dá yín lóhùn: rárá. Owó ìtanràn, èlé orí gbèsè, ẹ má fi wọ́n sí ìlà onígbọ̀wọ́ kankan. Inú owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni kó ti jáde.

---

Akápò Òkè-Ògùn

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ wá àlàyé bọ́jẹ́ẹ̀tì náà. Lábẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọ pé: gbọ̀ngàn, oúnjẹ, ìwé, owó olùkọ́, àti owó ọkọ̀ àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́. Lábẹ́ ìrìnnà: epo àti àtúnṣe ọkọ̀ fún ìbẹ̀wò òṣìṣẹ́ sí àwọn abúlé. Ẹni tó ṣe akápò kí n tó dé, gbogbo ohun tó bá ti ní "ọkọ̀" nínú ló ń kọ sí ìrìnnà.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni èsì rẹ wà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ń wo irú nǹkan tí wọ́n rà. Onígbọ̀wọ́ ń wo iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Owó ọkọ̀ tí ẹ fún agbẹ̀bí tó ti abúlé wá sí Ìsẹ́yìn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, àlàyé bọ́jẹ́ẹ̀tì ti sọ bẹ́ẹ̀. Epo tí òṣìṣẹ́ rà láti lọ wo bí agbẹ̀bí náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, ìrìnnà ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà rí apá kan òótọ́ yìí, àmọ́ ibi tí àyè wà kọ́ là ń wò. Ibi tí wọ́n sọ pé nǹkan náà jẹ́ là ń wò.

Nítorí náà, ṣí ìwé ìrìnnà yẹn láti fáọ́ṣà àkọ́kọ́. Fi ọjọ́ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí o sì fa ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí jáde. Èyí tí ìbuwọ́lùwé wọn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, gbé e lọ. Èyí tí kò bá ní in, fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kódà bó bá wù ẹ́ kó lọ.

Tó bá jẹ́ Excel lo ń lò, fi òpó kan kún un fún àmì ìlà, B1 títí dé B5. Òpó D ni àmì, òpó E ni náírà. Má pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́, òpó àmì yẹn nìkan ni kí o yí padà, kí ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò lè rí ohun tí o gbé kúrò. Wá kọ èyí sí òpó míì tí kì í ṣe D tàbí E láti kó wọn jọ, kí o máa fi àmì ìlà kọ̀ọ̀kan rọ́pò B2:

```
=SUMIFS(E:E,D:D,"B2")
=SUM(E:E)
```

Àròpọ̀ B1 dé B5 gbọ́dọ̀ bá ìlà kejì yẹn mu láìku kọ́bọ̀. Bí kò bá bá a mu, ìnáwó kan wà tí kò ní àmì.

---

Akápò Òkè-Ògùn (ọjọ́ 7)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti fáọ́ṣà. A ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 82 gba ₦3,000 owó ọkọ̀, ìbuwọ́lùwé wọn pé, àwọn tí kò mọ̀wé kọ tẹ̀ka. ₦246,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦984,000 lápapọ̀. Inú ìrìnnà ni gbogbo rẹ̀ wà! Mo ti gbé e lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Mo rí fáọ́ṣà epo mẹ́fà míì tí ọjọ́ wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó wù mí kí n gbé wọn, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ síwájú ni "ìbẹ̀wò, Ṣakí àti àyíká rẹ̀". Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Bó ṣe wà báyìí ní ₦615 rèé:

| Ìlà | Bọ́jẹ́ẹ̀tì ($) | A ná (₦) | A ná ($) |
|---|---|---|---|
| B1 Owó oṣù | 9,000 | 5,535,000 | 9,000 |
| B2 Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ | 10,000 | 5,289,000 | 8,600 |
| B3 Ìrìnnà | 3,000 | 2,214,000 | 3,600 |
| B4 Ẹrù ìgbẹ̀bí | 5,000 | 3,013,500 | 4,900 |
| B5 Ọ́fíìsì | 3,000 | 1,783,500 | 2,900 |
| Àpapọ̀ | 30,000 | 17,835,000 | 29,000 |

Ìrìnnà ṣì fi $600 kọjá. Àdéhùn wa sọ pé ìlà kan lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kọjá láìtọrọ àyè, pé ohun tó bá ju ìyẹn lọ, kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó ná an. A ò gba ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó rántí. Lórí iye ṣíṣẹ́, àdéhùn náà ò sọ ju pé kí a lo "iye tí a fi gba owó náà" lọ.

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Mo gbà lórí ọ̀rọ̀ ₦1,500, ẹ ṣeun bàbá. Mi ò tíì rí ìròyìn dólà ṣe rí, ti náírà ni mo mọ̀. Àmọ́ $600 tó kọjá yìí, ṣé owó kékeré kọ́ nìyẹn? $29,000 lẹ ná lápapọ̀, ẹ ò kọjá $30,000. Kí ló kan ìlà?

---

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni lówó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, èmi gan-an ni mo máa ń ka irú ìròyìn yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó kan ìlà, torí àdéhùn ni bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bu ọwọ́ lù ú gbà pé $3,000 ló máa lọ sórí ìrìnnà. Ìdá mẹ́wàá jẹ́ $300. Èyí tó wà láàárín $3,000 sí $3,300, akápò kàn máa ṣàlàyé rẹ̀ ni. $300 kejì ló nílò àṣẹ. Bí wọn ò bá gbà á, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa san án, ìyẹn ₦184,500 ní ₦615. Fún ẹ̀njíò kékeré, owó oṣù ẹnìkan lè wà níbẹ̀.

Àǹtí akápò, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín sọ, pé kí ìlà gbogbo bá bọ́jẹ́ẹ̀tì mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Bí mo bá rí ìròyìn tí ìlà márùn-ún parí sórí iye tí wọ́n kọ lọ́dún kan sẹ́yìn láìsí ìyàtọ̀ dólà kan, lọ́dún tí náírà ṣubú tó báyẹn, fáọ́ṣà ni mo máa béèrè lójú ẹsẹ̀. Ìlà tó kọjá tó sì ní ìdí kì í bà mí lẹ́rù.

Ìdí tiyín sì wà lójútáyé. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni ààrẹ kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí jálá epo fi ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ṣáájú ìyẹn. Ẹ kọ iye jálá tí ẹ rà ṣáájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n rí i pé ìbẹ̀wò yín ò pọ̀ sí i, iye epo ló pọ̀ sí i. Lẹ́tà ìlà mẹ́rin péré tó. Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí, kí ìròyìn tó dé, ẹ má tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìròyìn kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a níbẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́wọ́ pé ẹ yẹ kẹ́ ẹ ti tọrọ àyè ṣáájú.

Bàbá, mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ takò yín díẹ̀ lórí ₦615. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí fẹ́ kí owó tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ tán. ₦6,900,000 àkọ́kọ́ ní ₦460, lẹ́yìn náà ìyókù ní ₦770. Ìyẹn ló sún mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ jù. Ní oṣù kẹrin 2023, dólà ₦770 ò tíì wọ àpò wọn, báwo ni ó ṣe wọ inú ìṣirò owó oṣù kẹrin?

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ará Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà méjèèjì ló bá "iye tí a fi gba owó náà" mu. Mo ti lo èyí tí o sọ náà. Ohun tí mo rí ni pé ó máa ń gbé ìṣòro láti ìlà kan lọ sí òmíràn. Akápò, ìgbà wo ni owó àkọ́kọ́ tán? Èló sì ni owó oṣù yín lóṣooṣù?

---

Akápò Òkè-Ògùn

Ìparí oṣù kẹsàn-án ló tán, bàbá. Owó oṣù jẹ́ ₦461,250 lóṣooṣù, oṣù 12 gbáko. Ti ìrìnnà, ₦690,000 la ná títí dé oṣù kẹsàn-án, ₦1,524,000 lẹ́yìn rẹ̀.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Wò ó báyìí. Owó oṣù méje àkọ́kọ́ jẹ́ ₦3,228,750. Pín in ní ₦460, $7,019. Oṣù márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ ₦2,306,250. Pín in ní ₦770, $2,995. Àpapọ̀ jẹ́ $10,014. Bọ́jẹ́ẹ̀tì owó oṣù $9,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ gbé e dé $9,900. Ó ti kọjá! Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀.

Ìrìnnà ńkọ́? ₦690,000 ní ₦460 jẹ́ $1,500. ₦1,524,000 ní ₦770 jẹ́ $1,979. Àpapọ̀ $3,479, ó rọlẹ̀ sí i, àmọ́ ó ṣì ju $3,300 lọ. Nítorí náà, ní ọ̀nà tìrẹ, ìlà méjì ló nílò àṣẹ. Ní ọ̀nà tèmi, ọ̀kan ni. Ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló ń jẹ dólà púpọ̀ nígbà tí o bá to owó bí ó ṣe wọlé, owó oṣù ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kíákíá jù nínú iṣẹ́ kankan.

---

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Bàbá, ìṣirò yín tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. A ti rí èsì méjèèjì, a wá ń mú èyí tó rọ̀ wá lọ́rùn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ti kọ ọ̀nà tí wọ́n ń lò sínú ìlànà owó wọn kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ìyẹn ò ní iyàn nínú. Akápò, ẹ ní ìlànà owó tí ẹ kọ sílẹ̀? Ẹ sì ti fi ìròyìn àárín ọdún ránṣẹ́ ṣáájú èyí? Ọ̀nà tí ẹ lò nínú ìyẹn ló dè yín.

---

Akápò Òkè-Ògùn

Ìlànà wà, àmọ́ kò sọ nǹkan kan lórí ṣíṣẹ́ owó. Ìròyìn àárín ọdún tí a fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án lo ₦460 fún gbogbo rẹ̀, torí owó kan ṣoṣo ló tíì wọlé nígbà yẹn.

---

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ò rí i? Onígbọ̀wọ́ ti ka owó oṣù oṣù mẹ́fà ní ₦460. Bí ẹ bá wá lo ₦615, iye tí wọ́n ti gbà wọlé máa yí padà sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó gba àlàyé.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

Ó gba àlàyé lóòótọ́. Èmi ṣì ń fara mọ́ ₦615 fún ìròyìn ìparí, torí odidi ọdún ni ìròyìn ìparí ń kà. Akápò, fi ọ̀nà méjèèjì síwájú wọn nínú lẹ́tà kan náà tí o fi ń tọrọ àyè lórí ìrìnnà, kí wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́. Má ṣe yàn fún wọn.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú mi kún un, torí mo rí B5 Ọ́fíìsì níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè nípa rẹ̀. Àǹtí, ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn?

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, onígbọ̀wọ́ méjì la ní, owó ilé sì jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. A kọ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sí ọ̀kan, ₦720,000. Nígbà tí ìròyìn ìkejì dé, ìlà ọ́fíìsì ṣì láyè, ẹni tó ń ṣe é kọ ìdá ọgọ́ta sí ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó rí i fún oṣù mẹ́jọ. Ọ́dítọ̀ wá, ó tẹ́ ìròyìn méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi bírò pupa rò wọ́n pọ̀: ₦1,440,000 lórí ilé ₦1,200,000. Ó yí ìwé náà sí mi, kò sọ̀rọ̀. A dá ₦240,000 padà, mi ò sì lè gbàgbé ìtìjú ọjọ́ yẹn láéláé.

Láti ìgbà yẹn, wákàtí iṣẹ́ ni mo fi ń pín owó ilé, díísù àti iná. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ ìwé wákàtí, iṣẹ́ tó ṣe àti iye wákàtí tó lò, ọ̀gá rẹ̀ á buwọ́ lù ú níparí oṣù. Bí iṣẹ́ agbẹ̀bí bá gba ìdá ogójì wákàtí gbogbo wa, ìdá ogójì owó ilé ló máa gbé. Mo sì máa ń ní tábìlì kan tó kó gbogbo onígbọ̀wọ́ pọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ.

---

Akápò Òkè-Ògùn

Àyà mi já, mà. Iṣẹ́ méjì la ń ṣe. Ìdajì owó ilé ni mo rí nínú B5. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi pín in sí ìdajì, kò sì sí ìwé wákàtí àfi láti oṣù kẹjọ. Mo ti wo ti iṣẹ́ kejì, ìdajì náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò ju ọgọ́rùn-ún lọ.

---

Ìyá Ìbejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run lórí ìyẹn. Ẹ fi ìwé wákàtí oṣù kẹjọ sí oṣù kejì wò ó. Bó bá sún mọ́ ìdajì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ẹ gbé e lé nìyẹn. Bó bá jìn sí i, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú ìròyìn méjèèjì. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé wákàtí fún oṣù tí kò ní in o. Òṣìṣẹ́ tó bá buwọ́ lu oṣù karùn-ún lónìí, irọ́ ló buwọ́ lù.

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

₦120,000 tó dín ní báńkì ńkọ́? A ti gbàgbé ìyẹn.

---

Bàbá Ọ́dítọ̀

O ṣeun tó o rántí. Akápò, iye tó wà ní báńkì jẹ́ ₦495,000, àbí? Ó yẹ kó jẹ́ ₦615,000. Irú iye bẹ́ẹ̀, ₦120,000 tó dọ́gba pẹrẹsẹ, kì í sábà jẹ́ àṣìṣe ìṣirò tàbí owó tí báńkì yọ. Owó báńkì máa ń ní kọ́bọ̀ nídìí, tàbí kó jẹ́ ₦50 ₦50. Wo àwọn tó gba àdífáàǹsì lọ́wọ́ yín ní oṣù kejì. Ẹnìkan ló gbé e lọ sí pápá tí kò tíì kó rìsíìtì wá.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má kọ ọ́ sí ìnáwó. Owó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kò tíì di ìnáwó, owó yín ni síbẹ̀. Rìsíìtì tó bá kó wá, tí ọjọ́ rẹ̀ ò kọjá 29 oṣù kejì, ìyẹn nìkan ló máa wọ ìlà. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó dá a padà sí báńkì.

---

Akápò Òkè-Ògùn (ọjọ́ 12)

Bàbá, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Òṣìṣẹ́ wa kan ní Ṣakí ló gba ₦120,000 ní ọjọ́ 22 oṣù kejì fún ìpàdé ìkẹyìn àwọn agbẹ̀bí. Ìpàdé náà wáyé ní ọjọ́ 26. Àpò ike ni rìsíìtì rẹ̀ wà, lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Ó fi ₦97,500 ṣe oúnjẹ àti gbọ̀ngàn, ó ti san ₦22,500 padà sí báńkì lánàá. Mo kọ ₦97,500 sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìnáwó gbogbo wá di ₦17,932,500, báńkì di ₦517,500, wọ́n pé ₦18,450,000.

Ìwé wákàtí fi hàn pé ìdá 47 ni iṣẹ́ yìí gbà láti oṣù kẹjọ. Ìyá Ìbejì, ṣé ó sún mọ́ ọn tó?

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí $300 yẹn àti lórí ọ̀nà ṣíṣẹ́ owó. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ bínú, pé mò ń fi ara wa sùn. Mo fi ìṣirò Bàbá hàn án, ó buwọ́ lu lẹ́tà náà.

---

Ìyá Ìbejì

Ó sún mọ́ ọn fún mi. Bó bá jẹ́ èmi, màá kọ 47 fún oṣù méje tó ní ìwé, kí n fi ìdajì sílẹ̀ fún ìyókù, kí n sì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn míì á ní kí ẹ lo 47 fún odidi ọdún.

---

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Mo fara mọ́ 47 fún odidi ọdún, kí ìlànà kan ṣoṣo wà.

Nǹkan kan kù o, àǹtí. ₦517,500 tó ṣẹ́kù, ní ₦615, $841 ló máa jẹ́ lórí ìròyìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dá a padà, báńkì á ta dólà fún yín ní bíi ₦1,500, $345 ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ béèrè báyìí, kí ẹ tó fi owó kankan ránṣẹ́: ṣé náírà tó ṣẹ́kù ni wọ́n fẹ́, àbí dólà tó wà lórí ìwé? Níbi tí mo wà, náírà tó ṣẹ́kù là ń gbà, a ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ san ìyàtọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

---

Akápò Òkè-Ògùn (ọjọ́ 19)

Èsì dé láàárọ̀ yìí. Wọ́n gba $300 ìrìnnà wọlé. Wọ́n ní iye jálá epo tí a kọ ló jẹ́ kó yé wọn. Wọ́n mú ₦615, pẹ̀lú ojú ìwé kan tó ṣàlàyé ìdí tí kò fi bá ìròyìn oṣù kẹsàn-án mu. Lórí owó tó ṣẹ́kù, wọ́n ní ẹ̀ka owó wọn ló máa pinnu, kí n má tíì fọwọ́ kàn án. Mo ti ya ₦517,500 sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀.

---

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú oríire, àǹtí. Jọ̀ọ́, tí ẹ̀ka owó yẹn bá fèsì, ẹ padà wá sọ fún wa. Àwa náà máa gba owó dólà àkọ́kọ́ wa ní oṣù kẹfà, mo sì ti ní kí wọ́n kọ ọ̀nà ṣíṣẹ́ owó sínú ìlànà wa lọ́sẹ̀ yìí. A ò tíì fẹnu kò lórí èyí tí a máa mú.